Bọ́ọ̀dù Mẹ́fà Tí Kò Dáhùn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọjọ́ wo ni orí mi dàrú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ajégúnlẹ̀. Bọ́ọ̀dù mẹ́fà, pátákó pẹlẹbẹ tí à ń to ẹ̀yà inú ẹ̀rọ sí, tẹ́ sílẹ̀ níwájú mi bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ dá mi lóhùn. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fi í sínú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé a kò pàdé rí.

Ọ̀gá mi ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, rédíò àwọn ọkọ̀ ojú omi tó bá gúnlẹ̀ sí Àpápá ló ń tún ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn dẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá iwájú kan tó háyà nínú ilé onílé, ó gbé tábìlì sí i, ó di ṣọ́ọ̀bù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá ṣe iṣẹ́ tó dára, á ní, "Ó dáa." Bí o bá jó bọ́ọ̀dù, á tún ní, "Ó dáa." Ohùn rẹ̀ lo máa fi mọ ìyàtọ̀, ẹni tí kò bá sì tíì pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á kàn máa dààmú ni. Èmi tí mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ṣì máa ń dààmú.

Ohun tí à ń ṣe nígbà náà ni ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ dísẹ́ẹ̀lì inú táǹkì tírélà. Gbogbo ẹni tó bá ní tírélà ní Àpápá ló mọ ìdí rẹ̀. Awakọ̀ á sùn, ẹlòmíràn á fa dísẹ́ẹ̀lì lọ. Tàbí kí awakọ̀ má sùn rárá, kí òun fúnra rẹ̀ fà á. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ wa á ké, á sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni ọkọ̀. Èmi ni mo ń kọ ètò rẹ̀, Ọ̀gá ni ó ń lọ so ó mọ́ ọkọ̀ ní Coconut, níbi tí àwọn tírélà ti ń páàkì.

Bọ́ọ̀dù kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ṣíìpù kan sì wà láàárín bọ́ọ̀dù náà, òun ni ọpọlọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju fílááṣì tí a fi ń kó orin lọ la máa ń lò, pùróòbù là ń pè é. Orí rẹ̀ kan á wọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, orí kejì á fi wáyà tín-ín-rín díẹ̀ kan bọ́ọ̀dù: wáyà dátà tó ń gbé ọ̀rọ̀, wáyà kílọ́ọ̀kù tó ń ka ìlù fún un, wáyà ilẹ̀, àti wáyà rísẹ́ẹ̀tì tó ń mú kí ṣíìpù tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú wáyà wọ̀nyí ni mo ń gbà fi ètò tuntun sínú ṣíìpù. Mo sì lè dá a dúró láàárín iṣẹ́ rẹ̀, kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n wá jẹ́ kó máa lọ. Àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí Ọ̀gá tọ́jú láti ìgbà ọkọ̀ ojú omi ń lo wáyà tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, JTAG ni wọ́n ń pe tiwọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Kí a má baà máa jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà, mo fi ojú bàbà róbótó mẹ́rin sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, mo sì ra kílíìpù kan tó ní abẹ́rẹ́ onísípíríìngì mẹ́rin. Bí mo bá ti fi kílíìpù gbá bọ́ọ̀dù mú báyìí, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ ojú bàbà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn kílíìpù yẹn. Ọ̀gá kì í fọwọ́ kàn án. Ó ní ojú òun kò gba kọ̀ǹpútà mọ́, òjé àti irin ìjórin ni tòun.

Ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí ni ọjọ́ tí mo máa lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá ti gbà mí, mo sì máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ó ń jó wáyà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó dáa." Mo fetí sí ohùn náà títí, n kò mọ èwo ni. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti dín kù sí i, mo sì ti gbà pé ó ń bínú.

Ohun tó ká mi lára ni àdúrà. Ní tiwa, ọmọ iṣẹ́ kì í déédéé gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ni á tú u sílẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì súre fún un, kí iṣẹ́ tó kọ́ tó lè gbè é. Ìyá mi ti bi mí léèrè títí ó fi sú mi: "Ṣé ó ti ṣàdúrà fún ọ?" Mo ní kò tíì ṣe é. Ó ní, "Bí kò bá ṣe é, o kò lọ síbì kankan." Mo ti ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá mi kò ṣàwàdà, èmi fúnra mi náà sì fẹ́ àdúrà yẹn ju bí mo ṣe lè sọ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin yìí ló fi irin ìjórin lé mi lọ́wọ́ nígbà tí àwọn mìíràn ní kí n lọ kọ́ aṣọ rírán.

Alhaja dé lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ̀. Alhaja yìí ni ó ni tírélà mẹ́fà tí a so ẹ̀rọ mọ́. Ó kó àwọn bọ́ọ̀dù náà wá nínú àpò ráìsì, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ fáànù, ó ní:

"Ọmọ mi, àwọn driver mi fẹ́ pa mí o. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti ń gun bridge Ìjòrá, kiní yìí á pariwo. Á ní wọ́n ti jí dísẹ́ẹ̀lì. Mo ti pe gbogbo wọn lólè tán, orúkọ tó kù ò sí mọ́. Lọ́la wọ́n fẹ́ wọ port, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí mi lójú pé tí wọn ò bá tún un ṣe, àwọn ò wa ọkọ̀ kankan. Abeg, tún un ṣe fún mi."

Èyí kò rú mi lójú. Bí tírélà bá ń gun afárá, dísẹ́ẹ̀lì á wọ́ sí ẹ̀yìn táǹkì, ohun tó ń wọn ọ́n á sì rò pé ó ti dín kù. Mo ti tún ètò náà kọ, tí kò fi ní máa ké àfi tí dísẹ́ẹ̀lì bá dín kù tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí n kàn fi í sínú bọ́ọ̀dù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kù, iṣẹ́ tí kò gbà ju kí èèyàn mu omi inú ọ̀rá méjì lọ. Mo sọ fún Alhaja pé kó má dìde.

Mo yọ bọ́ọ̀dù kìíní kúrò nínú ike rẹ̀. Ó mọ́, ó ń dán, ó yà mí lẹ́nu bí kò ṣe ní eruku. Mo so ó mọ́ bátìrì, iná pupa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo fi kílíìpù gbá a mú, mo tẹ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ṣíìpù kankan níbẹ̀.

Mo tún fi kílíìpù sí i. Kò rí nǹkan kan. Mo yí wáyà pùróòbù wò, bóyá dátà àti kílọ́ọ̀kù ti gba ipò ara wọn. Pùróòbù olówó pọ́ọ́kú ni tiwa, irú wọn sì wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí òde kò bá ohun tó wà nínú mu. Mo ṣí tiwa wò, inú àti òde bára mu. Mo dín eré tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ láàárín wọn kù, nítorí bí wáyà bá gùn, ọ̀rọ̀ tó ń sáré lè dàrú lójú ọ̀nà. Kò rí nǹkan kan síbẹ̀.

Mo bi pùróòbù pé báwo ni agbára iná tó wà lórí bọ́ọ̀dù ṣe pọ̀ tó. Ó ní fọ́ọ̀tì mẹ́ta lé díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀: bí ó bá mọ iye iná tó wà níbẹ̀, ó kan bọ́ọ̀dù nìyẹn. Àṣé ọkàn mi kò yẹ kó balẹ̀. Nígbà tó yá mo yọ gbogbo wáyà kúrò pátápátá, mo tún bi í, ó tún ní fọ́ọ̀tì mẹ́ta lé díẹ̀. Kò wọn nǹkan kan. Iye kan náà ló máa ń kà fún gbogbo ayé, bí bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, bí kò sí. Mo wò ó bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó ń parọ́ láti ọjọ́ yìí.

Mo gbé mítà. Mo fi ẹnu rẹ̀ ṣọnṣo kan ojú bàbà ilẹ̀, mo fi èkejì kan ẹsẹ̀ ṣíìpù, ó dún, ìyẹn ni pé wọ́n kan ara wọn. Mo fi kan ojú bàbà dátà àti ẹsẹ̀ ṣíìpù tirẹ̀, ó dún. Kílọ́ọ̀kù dún. Rísẹ́ẹ̀tì dún. Iná tó yẹ kó wà wà. Kò sí ibi tó já.

Ó dáa, mo ní bóyá bọ́ọ̀dù yìí ló ní àìsàn tirẹ̀. Mo gbé èkejì. Kò dáhùn. Mo gbé ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹfà, àágùn ti ń yọ lábẹ́ ìborí mi. Bọ́ọ̀dù kan lè kú. Méjì lè kú bí èṣù bá wà níbẹ̀. Mẹ́fà kì í kú lẹ́ẹ̀kan kí iná wọn sì máa ṣẹ́jú síbẹ̀.

Bọ́ọ̀dù keje wà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, tí kò kúrò lórí pẹpẹ rí. Mo gbé e wá, mo fi kílíìpù kan náà gbá a mú. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ti rí i. Mo yọ ọ́, mo tún fi í sí i, ó tún rí i. A jẹ́ pé pùróòbù dára, wáyà dára, kílíìpù dára, kọ̀ǹpútà dára. Mítà sì ti ní bọ́ọ̀dù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dára. Gbogbo wọn ló dára, iṣẹ́ ni kò lọ. Mo jókòó, mo kàn ń wo ògiri.

"Ọmọ, ṣé ó ti ń lọ?" ni Alhaja bi mí.

"Ó kù díẹ̀, mà," ni mo wí. N kò mọ ohun tí díẹ̀ náà jẹ́.

Ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú ẹ̀rọ amóhùndún kan. Mo mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Mo tún rántí pé ètò mi máa ń jẹ́ kí ṣíìpù sùn bí ọkọ̀ bá dúró, kó má baà jẹ bátìrì tán. Ṣíìpù tó bá sùn wọra lè má gbọ́ pùróòbù. Oògùn rẹ̀ ni kí o tẹ bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí ó má lè bẹ̀rẹ̀ ètò, kí o ní kí kọ̀ǹpútà máa wá a, kí o tó wá tú ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wá a, mo tú u. Iná pupa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ṣíìpù gbọ́ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ṣe é lọ́tùn-ún, mo ṣe é lósì, kò yí padà. Mo lọ ka ètò mi láti òkè dé ilẹ̀, bóyá mo ti fi ẹsẹ̀ dátà tàbí ti kílọ́ọ̀kù ṣe iṣẹ́ mìíràn láìmọ̀. Bí ètò bá gba ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn, pùróòbù kò ní rí ọ̀nà wọlé. N kò gbà wọ́n. Wọ́n wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá sọ̀rọ̀.

"Ṣé kì í ṣe pé o tì í?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ọkùnrin kan ti bá a ṣiṣẹ́ tó lọ láì gba àdúrà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ṣíìpù tí wọ́n jọ ṣe. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe ti irin. Inú ṣíìpù ni wọ́n ti ń yàn án. Bí a bá ti tì í, ẹnikẹ́ni kò lè ka ètò inú rẹ̀ mọ́, bí a bá sì ní kó ṣí, á kọ́kọ́ nu gbogbo inú rẹ̀ dànù. Ètò náà kò sì sí lọ́wọ́ Ọ̀gá. Àwọn oníbàárà padà wá, kò rí nǹkan kan ṣe fún wọn, ọkùnrin yẹn sì ní kí wọ́n máa wá bá òun. Ọ̀gá kò sọ ìtàn náà fún mi rí. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́.

Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Ṣé èmi ni ekòló ni?

"Ọ̀gá, n kò tì í, sà. Tí mo bá tì í, á ṣì dáhùn. Á sọ pé òun wà níbí, wọ́n tì òun ni. Èyí ò sọ nǹkan kan rárá."

"Èyí tí wọ́n ń tì tí kì í dáhùn mọ́ ńkọ́?"

Ó mú mi. Irú bẹ́ẹ̀ wà. Ìpele kan wà lórí ti àkọ́kọ́, tí a bá tì í débẹ̀, ṣíìpù á ti ilẹ̀kùn pùróòbù títí láé, ẹni tó tì í gan-an kò ní lè wọlé. N kò mọ̀ pé Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti lọ béèrè nígbà ti ọkùnrin àkọ́kọ́.

"N kò tì í débẹ̀, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

Alhaja ti jókòó dáadáa. "Ọ̀gá, àbí nítorí pé ó ń lọ ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o. Àwọn ọmọ ìwòyí, they get sense. Tó bá dé Àpápá tán, a ó máa wá a lọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Alhaja, ẹ dákun, mà," ni mo wí, ohùn mi sì gbọ̀n. Ó dùn mí pé ó gbọ̀n, nítorí ohùn ẹni tó jẹ̀bi ló jọ.

Ohun tó burú jù ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí ara mi. Bóyá mo ti tẹ ohun tí n kò mọ̀. Bóyá àárẹ̀ ló mú mi lọ́jọ́ tí mo fi ètò sí wọn, tí mo lọ yan ohun tí kò yẹ. Lẹ́ẹ̀mẹfà? Mo ń rántí ọjọ́ náà, ohun tí mò ń rántí sì ń yí padà bí mo ṣe ń rántí rẹ̀. Mo rí i pé mo ti ń gbà gbọ́ díẹ̀díẹ̀ pé mo ṣe é. Ọ̀gá ń wò mí láìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé bí mo bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn bẹ́ẹ̀, kò ní sí àdúrà, orúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ lọ ni yóò sì máa pè mí.

Mo gbé mítà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè gbé. Mo ti fi mítà wo wáyà pùróòbù dé abẹ́rẹ́ kílíìpù, ó dún. Mo ti wo ojú bàbà dé ẹsẹ̀ ṣíìpù, ó dún. N kò tíì wo gbogbo rẹ̀ papọ̀ rí. Mo fi kílíìpù gbá bọ́ọ̀dù mú, mo yọ wáyà kúrò lára pùróòbù, mo fi ẹnu mítà kan sí ìdí wáyà náà, mo fi ẹnu kejì gún ẹsẹ̀ ṣíìpù.

Kò dún.

Mo tún un ṣe. Wáyà ilẹ̀: kò dún. Dátà: kò dún. Abẹ́rẹ́ tẹ bàbà, mo ń fi ojú mi rí i, ṣùgbọ́n wọn kò kan ara wọn. Mo rò pé ojú mi ń tàn mí jẹ. Mo tú kílíìpù, mo fi èékánná ha ojú bàbà náà. Nǹkan tín-ín-rín kan ṣí kúrò lórí rẹ̀, ó mọ́ gaara bí awọ fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà.

Fáníṣì ni. Wọ́n ti fi fáníṣì aláìláwọ̀ kun gbogbo bọ́ọ̀dù, iwájú àti ẹ̀yìn, ojú bàbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu mítà mú, ó ń gún un wọlé láìjẹ́ kí n mọ̀. Abẹ́rẹ́ kílíìpù kò mú, orí fáníṣì ló kàn ń jókòó sí. Bọ́ọ̀dù keje tí kò kúrò lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó kùn ún.

Mo mú abẹ, mo ha fáníṣì kúrò lójú bàbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò tíì gbà á gbọ́ fúnra mi. Mo fi kílíìpù gbá a mú, mo tẹ kọ̀ǹpútà. Orúkọ ṣíìpù yọ gedegbe. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀. Mo pariwo, n kò mọ ìgbà tí mo pa á.

"Ó ti wọlé!"

Alhaja pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i bí? Mo sọ fún yín. Ẹ bá a wí díẹ̀, ó ti ṣí i."

Ọ̀gá ní, "Ó dáa."

Ohùn yẹn, n kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lójú tiwọn, mo ti ilẹ̀kùn, wọ́n mú mi, mo sì yára ṣí i. Ohun tí mo ti ń jà láti ọ̀sán pé kó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, òun gan-an ló sì wá dá mi lẹ́bi.

Mo dìde. Mo gbé bọ́ọ̀dù mìíràn tí n kò tíì fi abẹ kàn, mo gbé abẹ náà, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gá kó lè rí i dáadáa. "Ọ̀gá, ẹ wo ibí, sà. Ẹ fi èékánná yín ha á." Ó wò mí, ó wo bọ́ọ̀dù. Ó ha á. Awọ fáníṣì dúró sí ìka rẹ̀. "Nǹkan yìí ló bò ó, sà. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń kàn án nìyí. N kò mọ ẹni tó kùn ún."

Ó ń wo ìka rẹ̀. Mo rò pé kò gbà mí gbọ́.

"Èmi ni mo kùn ún," ni ó wí.

Kò yé mi. Mo ní, "Sà?"

"Sátidé tí mo kó wọn lọ sílé. Kí n tó lọ so wọ́n mọ́ ọkọ̀." Ó ń sọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù, kì í ṣe sí mi. "Nínú ọkọ̀ ojú omi, iyọ̀ ló ń pa rédíò. Afẹ́fẹ́ Coconut náà, iyọ̀ ni. Á jẹ bàbà títí á fi di àwọ̀ ewé. Mo fi téèpù bo ibi tí wáyà bátìrì ń wọ̀, kí fáníṣì má dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà mẹ́rin yìí, mo rí wọn ní ìhòòhò, mo ní ibẹ̀ gan-an ni iyọ̀ máa gbà wọlé. Mo kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi."

"O ti ní o ń lọ." Ó gbé ojú sókè nígbà náà. "Bí iyọ̀ bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí o bá lọ, iṣẹ́ ta ni wọ́n máa ní ó bàjẹ́? Ìwọ ni wọ́n máa dárúkọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí o ò sí ńbẹ̀."

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí ìbínú, àṣé ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun iṣẹ́ ọwọ́ mi nílé rẹ̀ ní Sátidé kí ó má baà bàjẹ́ lẹ́yìn mi. Fáníṣì yìí kan náà ló sì mú kí ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo tún fẹ́ bá a jà. Gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tí mo ṣe nínú wọn.

Ọ̀gá gba abẹ lọ́wọ́ mi. Ó kó bọ́ọ̀dù márùn-ún tó kù sórí itan rẹ̀, ó ha ojú bàbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń nà wọ́n sí mi. Mo fa kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mò ń fi kílíìpù gbá wọn mú, mò ń fi ètò tuntun sí wọn àti sí ti àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló dáhùn. Ó ní òun máa tún wọn kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á sì fi téèpù bo bàbà mẹ́rin yẹn.

Alhaja kò tẹ̀lé ohun tí à ń sọ. Ó ti ń kó ike àwọn bọ́ọ̀dù jọ, ó ń wò mí, ó ń wo Ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kó yé mi," ni ó wí. "Ta ló ti kiní yìí gan-an? Kí n mọ ẹni tí mo máa bú."

Mo ti fẹ́ la ẹnu, kí n ní kò sí ẹni tó tì í, mà. Ọ̀gá ṣáájú mi.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo tì í, Alhaja. Ọmọ yìí kọ́. Ìwà rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ má sọ níbòmíràn pé òun ló tì í."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n má tíì dìde lórí eékún mi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún èérún fáníṣì lé mi lórí, níwájú Alhaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.